Káàdì mẹ́wàá nínú báàgì Ìyá Rónkẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ìpè WhatsApp kan wọlé sórí fóònù mi. Ìyá Rónkẹ́ ni. (Mo ti yí orúkọ náà padà.) Pẹ́kàmù ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù la jọ ń gbé, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mọ́mì, ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, òde ni wọ́n sì ń sè fún báyìí. Èmi ni mo máa ń bá wọn ṣe ìwé owó-orí wọn lọ́dọọdún.

Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọmọ mi, ṣé o lè bá mi wá £2,460 lónìí? Jọ̀ọ́, má bi mí ní nǹkan kan. Máa dá a padà fún ẹ."

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń jáde láti ibì kan lára wọn, bí ìgbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ ìrọ̀rí. Ó ń pe "Mádáàmù, mádáàmù."

"Mọ́mì, ta ni ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Àwọn ìjọba ni. Wọ́n wà nínú báàgì mi."

Fóònù alágbèéká méjì ni mọ́mì ní. Èyí tí nọ́ńbà ìlú Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀ wà nínú báàgì, ìpè ń lọ lórí rẹ̀ láti nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ pa á. Èyí tí wọ́n fi ń bá àwọn ará ilé nílùú Ìlẹ̀ṣà sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi pè mí. Ọkùnrin inú báàgì gbọ́ pé wọ́n ń sọ èdè kan, ó bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mọ́mì ní àwọn ń gbàdúrà ni. Ó ní kí wọ́n ṣe é kíákíá.

Àdúrà yẹn ló gba mọ́mì là, tàbí ká ní èdè Yorùbá ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, fóònù ilé dún. Ohùn ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: HMRC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti pe olóhun fóònù yìí lẹ́jọ́, kí ó tẹ 1 kó lè bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ 1. Ọkùnrin kan gbé e, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ka orúkọ mọ́mì àti àdírẹ́sì ilé wọn láìṣì í kà. Ó ní ìwé owó-orí wọn ti ọdún 2019 sí 2020 kò pé, owó tó kù pẹ̀lú owó ìtanràn jẹ́ £3,460, ilé ẹjọ́ ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ láti mú wọn, ọlọ́pàá yóò sì dé ilé wọn kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìdí tí mọ́mì fi gbà á gbọ́ yé mi dáadáa. Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ni gbogbo ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ níbí gbọ́dọ̀ fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, rédíò àti tẹlifíṣàn sì ń pariwo ẹ̀. Nígbà kan tí mi ò tíì máa bá wọn ṣe é, wọ́n pẹ́ fi ránṣẹ́, HMRC sì bu £100 ìtanràn lé wọn lórí. Ara wọn ò tíì kúrò nínú ìyẹn. Orúkọ àti àdírẹ́sì kò sì já mọ́ nǹkan kan lóde òní. Ó wà nínú àkójọ tí àwọn olè ń tà fún ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá ka àdírẹ́sì ẹ fún ẹ lórí fóònù, àyà ẹ á já kí ọpọlọ ẹ tó ronú.

Ọkùnrin náà gba nọ́ńbà fóònù alágbèéká wọn, ó ní kí ìpè má baà já bí wọ́n bá jáde. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àṣírí lábẹ́ òfin, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sọ fún yóò di ọ̀daràn pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ló wá mẹ́nu kan ọ̀nà ìsanwó. Ó ní nítorí pé ẹjọ́ ti wà nílẹ̀, báńkì wọn yóò di títì pa láìpẹ́, nítorí náà "fáúṣà" nìkan ni ìjọba lè gbà lọ́wọ́ wọn lónìí. Káàdì ẹ̀bùn Apple ni, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ sára irin nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ọjọ́ ìbí. Ó ní ìjọba àti ilé-iṣẹ́ náà ti jọ ní àdéhùn.

Níbi ìsanwó súpámákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, wọ́n ra káàdì mẹ́rin, £100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ béèrè pé ta ni wọ́n ń rà á fún. Ọkùnrin inú báàgì ti kọ́ wọn ní ìdáhùn: "Ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ-ọmọ mi ni." Wọ́n jókòó sí ibùdó bọ́ọ̀sì, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé họ ẹ̀yìn káàdì, wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún ní kí wọ́n ya fọ́tò káàdì àti rìsíìtì, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n bọ́ sí súpámákẹ́ẹ̀tì kejì, wọ́n ra mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ti ka méjì nínú rẹ̀, owó inú báńkì wọn tán. Ọkùnrin náà ní £2,460 ló kù, kí wọ́n lọ yá a lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Bó ṣe kàn mí nìyẹn.

Mo sọ fún wọn pé jìbìtì ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọlé rárá. Mo tún un sọ, ohùn wọn túbọ̀ ń gbọ̀n ni: "O ò mọ̀ wọ́n, wọ́n ní nọ́ńbà iṣẹ́." Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ìwé owó-orí, mo sì ti rí i pé ẹni tí ẹ̀rù ìjọba bá ti wọ̀ lára, ẹ ò lè fi "irọ́ ni" lásán yọ ọ́ lára rẹ̀. Ó ti fi owó gidi lélẹ̀. Bí ó bá gbà pé irọ́ ni, á jẹ́ pé £600 ti wọgbó. Ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ débẹ̀.

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn. "Mọ́mì, owó-orí £286 tí a san ní oṣù kọkànlá, ẹ rántí? Nígbà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti báńkì, nọ́ńbà kan wà tí mo ní kí ẹ kọ sí i kí ó má baà sọnù. Èwo ni?"

Wọ́n rántí. Nọ́ńbà mẹ́wàá tó jẹ́ tiwọn nìkan ni, tí lẹ́tà K tẹ̀lé. Mo ti fún wọn kọ sẹ́yìn ìwé àdúrà wọn.

"Lónìí ńkọ́? Níbo lẹ kọ nọ́ńbà yẹn sí lára káàdì?"

Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí wọ́n ṣí báàgì, ohùn ọkùnrin náà sì gé lójijì.

Èmi ò mọ ìbéèrè tó dára ju ìyẹn lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Owó tó bá ń lọ sápò ìjọba, tàbí ilé ìwòsàn, tàbí iléeṣẹ́ iná, orúkọ ẹni tó san án gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn wa. Bí owó bá wọlé sí àpò HMRC láìsí nọ́ńbà, wọn ò mọ gbèsè ta ni kí wọ́n pa rẹ́, á kàn jókòó síbẹ̀ ni, ẹni tó san án á sì máa gba lẹ́tà ìtanràn lọ. Lọ́dọọdún ni àwọn ayẹ̀wòwé-owó ìjọba ń yẹ ìwé HMRC wò. Owó tí wọ́n gbà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti wá, ọjọ́ tó dé, àti ẹni tó san án. Gbogbo iṣẹ́ tí mò ń jẹ lórí, kí orúkọ àti owó lè pàdé ara wọn ni.

Káàdì ẹ̀bùn kò ní ibi tí wọ́n lè kọ orúkọ sí. Ẹ wo ọ̀kan dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ìbò kan wà tó ń dán bíi fàdákà. Tí ẹ bá họ ọ́, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún wà lábẹ́ rẹ̀, X ló bẹ̀rẹ̀ tí ó bá jẹ́ ti Apple. Àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn gan-an ni owó. Ike tó gbé e dání kò wúlò mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú àkáǹtì Apple kan, ní Pẹ́kàmù tàbí ní ìlú tó jìnnà réré, òun ló ni £100 náà, kò sì sẹ́ni tó máa bi í bí ó ṣe rí i. Nítorí náà, kíka nọ́ńbà náà sórí fóònù àti fífi owó tútù lé èèyàn lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú mọ́mì, owó ṣì wà lọ́wọ́ wọn nítorí pé káàdì wà nínú báàgì. Wọ́n ní, "Ṣebí mo fẹ́ mú un lọ fún wọn ní ọ́fíìsì."

Ibi tí nọ́ńbà yẹn lè lọ sì kéré. Inú àkáǹtì Apple ló ń wọ̀, ọjà Apple ló sì lè rà: fóònù, orin, géèmù, ohun èlò orí fóònù. Kò lè di owó nínú báńkì ìjọba. Ẹ jẹ́ ká ní òṣìṣẹ́ owó-orí kan ya wèrè, ó gba káàdì mẹ́wàá lọ́wọ́ mọ́mì. Kí ló máa fi ṣe? Owó táwọn sójà fẹ́ gbà lóṣù kò ṣeé san pẹ̀lú géèmù. HMRC tí à ń wí yìí, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni wọn ò ti gba káàdì ìrajà-àwìn aládàáni mọ́, ìyẹn kírẹ́díìtì káàdì tí báńkì gidi fúnni, tí orúkọ ẹni wà lójú rẹ̀. Ẹni tí kò gba ìyẹn, ṣé káàdì tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣúìǹgọ́ọ̀mù ni yóò gbà?

Ìbéèrè kan tí ẹnìkan bi mí nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa ni pé, ṣebí káńsù àdúgbò máa ń fún àwọn tí nǹkan ò rọrùn fún ní fáúṣà súpámákẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń fúnni. Yunifásítì náà máa ń fi káàdì ẹ̀bùn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè ìwádìí wọn. Ẹ wo ibi tó ń lọ: láti ọwọ́ wọn sí ọwọ́ yín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsọ̀ tó ta káàdì tirẹ̀ yóò gbà á padà fún ọjà tirẹ̀. Gbèsè, owó-orí, ìtanràn, béèlì, físà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí káàdì ẹ̀bùn ń san.

Gbèsè owó-orí gan-an kì í rìn bí ọkùnrin yẹn ṣe sọ. Lẹ́tà ló ń wá, òmíràn á tún tẹ̀ lé e, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti jiyàn bí ẹ bá rò pé iye tí wọ́n pè kò tọ́. Bí owó bá le, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Mo ti bá èèyàn mẹ́ta ṣe é. Tí ẹ bá tún dákẹ́, wọ́n lè rán òṣìṣẹ́ agbowó, wọ́n lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́, wọ́n lè gba nǹkan yín tà. Ìyà ni, mi ò ní kì í ṣe ìyà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbèsè ni, kì í ṣe ti ọlọ́pàá, oṣù ló sì ń gbà, kì í ṣe wákàtí mẹ́ta. Àwọn tó bá sì ń wádìí ẹni tó dìídì ṣe màgòmágó owó-orí, wọn kì í tẹ̀ yín láago kí wọ́n sọ pé àwọn ń bọ̀.

Jìbìtì yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2017, HMRC fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń fi orúkọ òun gba káàdì iTunes, ìyẹn káàdì ẹ̀bùn Apple ti ìgbà náà, lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà. Ẹjọ́ tí wọ́n ti fi sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 sí oṣù kẹjọ ọdún 2017 lé ní 1,500, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti ju ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin lọ, £1,150 ni ìpíndọ́gba owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdánù. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ IRS, ilé-iṣẹ́ owó-orí ti ọ̀hún, ni wọ́n ń lò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ọlọ́pàá Íńdíà ya wọ àwọn ọ́fíìsì kan ní Mira Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùm̀báì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó pọ̀ rẹpẹtẹ ti jókòó sídìí fóònù, tí wọ́n ń kàwé tí a ti kọ sílẹ̀ fún wọn sí àwọn ará Amẹ́ríkà létí. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń yára sọ pé "àwọn ọmọ wa náà ni". Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ wa kọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ nu ti ilé nù. Àbúrò mi ọkùnrin ta káàdì ẹ̀bùn ní Ìkẹjà fún bí ọdún méjì. Lórí WhatsApp ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á sì tún un tà fún àwọn oníbàárà ní Ṣáínà. Òwò yẹn kì í ṣe ti olè látòkè délẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi káàdì sanwó iṣẹ́ fún láti òkèèrè wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wà níbẹ̀. Ohun tí àbúrò mi sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n lóye fọ́tò rìsíìtì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mọ́mì. Iye tí wọ́n ń ra káàdì kò dọ́gba. Nọ́ńbà lásán láìsí fọ́tò ló kéré jù lówó, nítorí ó lè jẹ́ pé káàdì báńkì tí wọ́n jí ni wọ́n fi rà á, tí wọ́n á sì fagi lé e lọ́la. Tí fọ́tò káàdì bá wà, owó lé. Tí rìsíìtì bá wà pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá èyí tó fi hàn pé owó tútù ni wọ́n fi rà á, ìyẹn ló wọ́n jù. Ìyá àgbàlagbà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, tó fi owó tirẹ̀ rà á, tó sì ya rìsíìtì, ọjà tó mọ́ jù lọ ló ń ṣe fún wọn. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, kí wọ́n tó parí káàdì kejì, ẹnìkan ti ra ti àkọ́kọ́."

Nǹkan mìíràn tún wà tí mọ́mì sọ tó wọ̀ mí lára. Wọ́n ní nígbà tí ọkùnrin náà ní kí wọ́n họ káàdì kí wọ́n ka nọ́ńbà, kò ṣàjèjì sí wọn rárá, "bíi káàdì rìchájì ni". Àwa tí a wà nílé nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001 mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọwọ́ wa ti mọ́ họ́họ káàdì. Àwa náà la máa ń ka nọ́ńbà ₦1,500 sórí fóònù fún ọmọ tó wà ní yunifásítì, fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà, fún ọlọ́kadà pàápàá dípò owó. Nígbà náà náà ni àwọn gbájúẹ̀ ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé ẹ ti jẹ mọ́tò, kí ẹ fi káàdì rìchájì ránṣẹ́ kí wọ́n lè gbé e wá. Èèyàn wa tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwà ọwọ́ yẹn dání wá. Òyìnbó tí kò họ káàdì rí á kọ́kọ́ bi pé kí ni èyí. Mọ́mì ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn tí wọ́n pa fóònù rèé. Mo ní kí wọ́n má ju ohunkóhun nù, kí wọ́n kó káàdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti rìsíìtì méjèèjì wá sílé mi. Mẹ́fà ni wọ́n ti họ, mẹ́rin ò tíì fọwọ́ kàn. Ká tó bu omi mu, mo ti pe ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì, láti orí ìkànnì wọn gan-an ni mo ti mú nọ́ńbà, kì í ṣe èyí tó bá jáde nínú ìwádìí lórí fóònù, nítorí olè ti gbìn tirẹ̀ síbẹ̀ náà. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lójú ìta ẹ̀yìn káàdì (èyí tí a kò ní láti họ kí a tó rí i) àti rìsíìtì. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ti di ìnáwó. Àwọn méjì tí wọ́n kà kẹ́yìn ti wọ àkáǹtì ẹnìkan, wọn ò tíì ná an. Wọ́n tì í pa. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí £200 náà tó padà. Ká ní a dúró di ọ̀la ni, kò bá má ku ẹyọ kan.

Àwọn mẹ́rin tí wọn ò họ, súpámákẹ́ẹ̀tì kò gbà wọ́n padà. Àlàyé wọn ni pé káàdì ẹ̀bùn kì í padà bí a bá ti tà á. Inú mọ́mì bà jẹ́ sí ìyẹn ju ti olè lọ. Mo ṣàlàyé pé owó wọn ṣì ni, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ìbò. Ọmọ-ọmọ wọn kan fi ọ̀kan ra ohun tí wọ́n ń pè ní ibi ìpamọ́ fọ́tò. Mẹ́ta yòókù wà nínú agolo bísíkíìtì, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú.

Báńkì ni ọ̀rọ̀ ti ká mi lára jù. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin ti wà níbí pé bí oníjìbìtì bá tan èèyàn láti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, báńkì gbọ́dọ̀ dá a padà, ó tó £85,000, àyàfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀. Mo ti mú un lọ́kàn lọ. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ wa ṣe sùúrù, ó ka òfin náà fún wa: owó tí a fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ni ó kàn. Mọ́mì kò fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ọjà ni wọ́n rà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi káàdì àti nọ́ńbà àṣírí ara wọn rà á, súpámákẹ́ẹ̀tì sì gbé ọjà fún wọn. Lójú báńkì, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe pé káàdì yá nìkan ni olè fi fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ọgbà tí wọ́n ti mọ yí báńkì ká, ẹ̀yìn rẹ̀ ni káàdì gbà kọjá.

A fi ẹjọ́ sun ibi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ jìbìtì níbí, Action Fraud bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà yẹn, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà ẹjọ́. Kò mú owó padà. A sì pe HMRC gidi, nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n kọ sí mọ́mì ni a lò. Ọmọbìnrin kan wo ìwé wọn láti 2019 títí di òní, kò sí gbèsè kankan.

£400 ló lọ pátápátá. Oúnjẹ òde méjì ni ìyẹn, ìrẹsì, asun àti gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ẹlòmíràn pè. Ó ní ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó jìbìtì padà ni òun ti ń pè, òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, òun lè gba gbogbo £1,000 padà, £80 péré ni owó iṣẹ́, kí wọ́n lọ ra káàdì Steam, ìyẹn káàdì ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń ra géèmù. Orúkọ ẹni tí wọ́n bá ti rẹ́ jẹ rí máa ń lówó lórí láàárín wọn. Mọ́mì sọ fún un pé kó dúró, àwọn ń gbàdúrà lọ́wọ́. Wọ́n gbé fóònù sínú báàgì, wọ́n lọ gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tí wọ́n fi máa bu iyọ̀ sí i, ọkùnrin náà ti lọ.